Ọjà Tí Wọ́n Ń Dá Padà Jù Kọ́ Ló Ń Jẹ Owó Jù

Ọ̀rọ̀ ọjà tí oníbàárà rà lórí ayélujára tó sì dá padà la mú wá lónìí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pósọ́fíìsì ní Ìlọrin níbí, tó tún ń ta ọjà lórí Wasáàpù àti Ínsítágírààmù, pé ọjà wo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Èyí tí àwọn ènìyàn ń dá padà léraléra ni yóò dárúkọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé ọjà yẹn lè má jẹ́ èyí tó ń jẹ owó yín jù rárá. Àfi kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí a tó mọ̀, ìṣirò náà kò sì le.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi ń dá ọjà padà. Tí oníbàárà bá wá bá yín ní Pósọ́fíìsì fúnra rẹ̀, yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, yóò fi rìn ní ìgbésẹ̀ méjì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ṣájà fóònù ló fẹ́ rà, yóò ní kí ẹ kì í bọ iná kí òun fi fóònù òun dán an wò. Tó bá jẹ́ aṣọ, yóò gbé e jáde síta kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ọjà tí wọ́n dá padà, kò sì ná yín ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Lórí ayélujára, oníbàárà yóò ṣe àyẹ̀wò kan náà, àmọ́ inú yàrá rẹ̀ ní Tánkẹ́ tàbí ní Ọ̀fà ni yóò ti ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ ti di ẹrù, tí ọlọ́kadà ti gbé e, tí owó ti wọlé. Àyẹ̀wò tó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é ni ìdápadà, ẹ̀yin lẹ sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí òun la ó fi wá àtúnṣe tó bá yá.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe pa ohun mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan ni ọjà tí oníbàárà ní òun kò ṣe mọ́ kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ni ọjà tó jáde, àmọ́ tí ọlọ́kadà kò bá ẹni tó ra á nílé, tàbí tí onítọ̀hún ní òun kò gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọjà tó dé ọwọ́ oníbàárà, tó tú u wò, tó wá dá a padà. Àkọ́kọ́ kò ná yín ní nǹkan kan. Èkejì ná yín ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àmọ́ wọn kò tíì tú ọjà yín. Ẹ̀kẹta nìkan ni ọjà fúnra rẹ̀ ti lè bàjẹ́. Tí ẹ bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, iye tí ẹ máa rí kò ní sọ ohun kan pàtó fún yín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti rí wàhálà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Jumia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn aláṣẹ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọjà tí kò rí ẹni gbà á àti èyí tí wọ́n dá padà kó 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ọjà tí àwọn ènìyàn béèrè ní ọdún 2018. Ní oṣù karùn-ún, àwọn Citron Research gbé ìwé tiwọn jáde. Wọ́n ní nínú ìwé mìíràn tí Jumia ti fi han àwọn olùdókòwò tẹ́lẹ̀, 41 nínú ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n sì fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé ó fi iye yẹn pamọ́. Iye ìpín Jumia já wálẹ̀. Èmi kò wá dá ẹjọ́ wọn o. Ẹ ṣáà wo ohun tí iye méjèèjì ń kà. Ọ̀kan ka iye owó, kò sì ka ọjà tí wọ́n fagi lé kó tó jáde. Èkejì ka iye ìgbà tí wọ́n béèrè ọjà, ó sì ka èyí tí wọ́n fagi lé mọ́ ọn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé wọ́n ń dá báyìí báyìí padà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sọ ohun tí ẹ ń kà àti ohun tí ẹ fi ń pín in. Nínú ètò ti òní, èyí tó dé ọwọ́ oníbàárà tó sì padà wá nìkan la ó máa kà, lórí iye tí ẹ tà.

Ó yá, ìwé àkọsílẹ̀. Ìwé méjì lẹ nílò. Àkọ́kọ́ ni ti títà: nọ́ńbà ọjà, ọjọ́ tí ẹ tà á, orúkọ ọjà, àti iye tí ẹ tà. Èkejì ni ti ìdápadà, níbi tí ọjà kọ̀ọ̀kan tó padà wá ti ní ìlà tirẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ tà á, orúkọ ọjà, ohun tí oníbàárà sọ, ìdí tí ẹ̀yin fúnra yín rí, páálí tí ọjà náà ti wá, bó ṣe rí nígbà tó padà dé, àti owó tó bá a lọ.

Ẹ rí i pé mo ya ohun tí oníbàárà sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdí tí ẹ rí. Oníbàárà lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kò wù mí mọ́," nítorí ojú ń tì í láti sọ pé bàtà náà há òun lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní ṣájà kò ṣiṣẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni kò bá fóònù rẹ̀ mu. Ẹni tó tú ẹrù náà ní ṣọ́ọ̀bù ni kó dán an wò, kó wá kọ ìdí. Kí ìdí má pọ̀ jù. Mẹ́fà tó: sáìsì, àwọ̀ tàbí ìrísí tí kò bá fọ́tò mu, kò ṣiṣẹ́, ó fọ́ lójú ọ̀nà, ọjà tí a fi ránṣẹ́ kọ́ ló béèrè, àti ọkàn rẹ̀ yí padà. Ẹ lè fi "òmíràn" sí i, àmọ́ tí òmíràn bá ti ju ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì fún lórúkọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò náà ka orí ṣọ́ọ̀bù kan. Àpẹẹrẹ ni o, mo ṣètò iye rẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé, kí kálukú fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ẹ kà á sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pósọ́fíìsì tó ń ta ohun mẹ́ta lórí ayélujára láàárín oṣù mẹ́ta: bàtà obìnrin, ṣájà fóònù àti bùléńdà.

Bàtà, wọ́n ta 120, wọ́n dá 18 padà. Ìyẹn jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣájà, wọ́n ta 200, wọ́n dá 16 padà. Ìyẹn jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bùléńdà, wọ́n ta 25, wọ́n dá 4 padà. Ìyẹn jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá dúró síbí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ ni pé bùléńdà àti bàtà ni ìṣòro, kí a má tà wọ́n mọ́, ṣájà ló dára jù. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí ni ìdápadà kan ń ná wa. Ó ní apá mẹ́ta: owó ọkọ̀, owó dídì ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i, àti iye tí ọjà náà pàdánù. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń tóbi jù, ìdí ìdápadà ló sì ń pinnu rẹ̀. Bàtà tó há oníbàárà lẹ́sẹ̀ kò bàjẹ́, ẹlòmíràn yóò rà á lọ́la ní iye kan náà. Ṣájà tó kú ti kú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà. Ọ̀kadà láàárín ìlú, ká ní ₦1,500 ni lọ, ₦1,500 ni bọ̀, páálí àti láílọ́ọ̀nù tuntun sì jẹ́ ₦300. Nínú bàtà 18 tó padà, 13 jẹ́ ọ̀rọ̀ sáìsì. Ṣọ́ọ̀bù san owó àbọ̀, oníbàárà san owó fífi èyí tó bá a mu ránṣẹ́. Ìyẹn ₦1,800 lórí ẹyọ kan, ₦23,400 lórí mẹ́tàlá. Mẹ́ta padà nítorí àwọ̀, wọ́n dá gbogbo owó padà títí kan owó ọkọ̀ àlọ: ₦3,300 lórí ẹyọ kan, ₦9,900 lápapọ̀. Méjì ni gọ́ọ̀mù wọn ṣí. Bàtà tí wọ́n rà ní ₦10,500 lọ, pẹ̀lú ₦3,000 owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀: ₦13,500 lórí ẹyọ kan, ₦27,000 lórí méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦60,300.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bàtà méjì péré tí gọ́ọ̀mù wọn ṣí ná ṣọ́ọ̀bù yìí ju bàtà mẹ́tàlá tí sáìsì wọn kò bá ẹsẹ̀ mu lọ. Tí ìwé yín bá kọ "bàtà, 18" nìkan, ẹ kò lè rí i láéláé.

Ó kan ṣájà. Méjì padà nítorí pé ẹnu wọn kò bá fóònù mu, wọ́n pààrọ̀ wọn ní ₦1,800 lórí ẹyọ kan, ₦3,600 lápapọ̀. Àwọn 14 yòókù kò ṣiṣẹ́. Ṣájà tí wọ́n rà ní ₦4,200 ti ṣòfò, ọ̀kadà gbé e padà wá ní ₦1,500, ọ̀kadà tún gbé òmíràn lọ ní ₦1,500. Ẹ kò lè ní kí oníbàárà san èyí, nítorí ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 náà fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó sọ pé òun fẹ́ fi ṣe padà, láàárín àkókò tó bójú mu. Nítorí náà, ₦7,200 ni ẹyọ kan, ₦100,800 ni mẹ́rìnlá. Pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́, ₦104,400.

Bùléńdà, ìta Ìlọrin ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí láti gáréèjì, ká ní wéébíìlì rẹ̀ jẹ́ ₦3,000 ní àlọ, ₦3,000 ní àbọ̀. Mẹ́ta ni ife wọn fọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n ra ife mìíràn ní ₦7,000, wéébíìlì lọ àti bọ̀ jẹ́ ₦6,000: ₦13,000 lórí ẹyọ kan, ₦39,000 lórí mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, mọ́tò rẹ̀ kò yí, ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbà á padà, ₦6,000 owó ọkọ̀ nìkan ló bá a lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦45,000.

Ẹ wo bí ó ṣe yí padà. Bí a bá wo iye tí wọ́n ń dá padà, bùléńdà ló ṣáájú, bàtà tẹ̀ lé e, ṣájà ló gbẹ̀yìn. Bí a bá wo owó, ṣájà ló ṣáájú pẹ̀lú ₦104,400, bàtà tẹ̀ lé e, bùléńdà ló gbẹ̀yìn. Ọjà tí gbogbo ènìyàn rò pé kò ní wàhálà ni ó ń jẹ owó jù.

Ohun kan kù: kí a fi owó yìí wé èrè. Ká ní wọ́n ń ta bàtà ní ₦15,000, èrè orí ọ̀kan jẹ́ ₦4,500, èrè 120 jẹ́ ₦540,000. Ìdápadà jẹ nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Wọ́n ń ta ṣájà ní ₦6,000, èrè ọ̀kan jẹ́ ₦1,800, èrè 200 jẹ́ ₦360,000. Ìdápadà jẹ 29 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Wọ́n ń ta bùléńdà ní ₦38,000, wọ́n rà á ní ₦31,000, èrè 25 jẹ́ ₦175,000. Ìdápadà jẹ nǹkan bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bàtà tí wọn ì bá ti pa tì nítorí ìdápadà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ká ní wọ́n lé bàtà kúrò kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra ṣájà púpọ̀ sí i, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Google Sheets tàbí Excel, ẹ má fi ọwọ́ kà á. Ẹ pe ojú ìwé àkọ́kọ́ ní Tita, kí orúkọ ọjà wà ní òpó C, kí iye wà ní òpó D. Ẹ pe èkejì ní Ipadabo, kí orúkọ ọjà wà ní òpó C, ìdí ní òpó E, owó tó bá a lọ ní òpó H. Lójú ìwé kẹta, ẹ kọ orúkọ ọjà sí A2, kí ẹ wá tẹ àwọn wọ̀nyí sí iwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ìdápadà, èkejì ni owó tó lọ, ẹ̀kẹta ni iye tó padà nítorí sáìsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ wò ó nínú àkọsílẹ̀ ètò yìí.

```
=COUNTIFS(Ipadabo!C:C,A2)/SUMIFS(Tita!D:D,Tita!C:C,A2)
=SUMIFS(Ipadabo!H:H,Ipadabo!C:C,A2)
=COUNTIFS(Ipadabo!C:C,A2,Ipadabo!E:E,"sáìsì")
```

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ ọjà o. Tí ẹ bá kọ "saja" níbì kan tí ẹ sì kọ "saja fonu" níbòmíràn, ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ọjà méjì, ìṣirò yín yóò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí a ti mọ̀ pé ṣájà ni, a kò ní sọ pé kí a má ta ṣájà mọ́. A ó tún ya á sọ́tọ̀ síwájú sí i. Ẹ rántí òpó páálí tí mo ní kí ẹ kọ. Ká ní ṣájà 200 yẹn ti inú páálí méjì wá, tí wọ́n rà lọ́wọ́ ènìyàn méjì: 120 láti páálí àkọ́kọ́, 80 láti èkejì. Nínú mẹ́rìnlá tí kò ṣiṣẹ́, mẹ́ta péré wá láti inú 120, mọ́kànlá sì wá láti inú 80. Ti àkọ́kọ́ kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Kì í ṣe ṣájà ni ìṣòro nígbà náà, páálí kan ni. Ẹ máa gbé ìwé yẹn lọ bá ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì sọ iye tó kú nínú iye tí ẹ rà. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju "Alhaji, ọjà yín kò dára" lọ.

Lórí bàtà, ẹ ya àwọn mẹ́tàlá tí sáìsì wọn kò bá mu sọ́tọ̀ nípa irú bàtà. Tí mẹ́wàá nínú wọn bá jẹ́ irú kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì ní ó kéré, bàtà yẹn ni nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Tí wọ́n bá tàn káàkiri gbogbo irú bàtà, tí àwọn kan ní ó kéré, tí àwọn mìíràn ní ó tóbi, a jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń béèrè sáìsì lọ́wọ́ oníbàárà ni kò péye. Ìdí kan náà ni, àmọ́ àtúnṣe méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ti bùléńdà, ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́rin nínú 25 kéré láti fi dá ẹjọ́. Ká ní ẹyọ méjì péré ni kò padà wá, ìwọ̀n yẹn ì bá já láti 16 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, bákan náà pẹ̀lú ti ṣájà. Ọjà tí ẹ kò tíì tà tó àádọ́ta, ẹ má fi ìwọ̀n rẹ̀ wé ti èyí tí ẹ ta igba. Ohun tí ẹ lè gbà gbọ́ nínú iye kékeré ni ìdí, pàápàá tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà léraléra. Ife mẹ́ta fọ́ lọ́nà kan náà nínú ọkọ̀. Ẹ kò nílò ọgọ́rùn-ún ife kí ẹ tó mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń dì í kò tọ́.

Ọ̀fìn méjì wà nínú ìṣirò yìí tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Ẹ ka ìdápadà sí oṣù tí ẹ ta ọjà náà, ẹ má kà á sí oṣù tó padà wá. Tí ẹ bá ta ọjà púpọ̀ nígbà Iléyá, púpọ̀ nínú ìdápadà rẹ̀ yóò bọ́ sí oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọjà ti dákẹ́. Oṣù Iléyá yóò dà bí ẹni pé kò ní ẹ̀gàn kankan, oṣù kejì yóò sì dà bí ẹni pé gbogbo ọjà yín ti bàjẹ́. Bákan náà, tí ẹ bá fún oníbàárà ní ọjọ́ méje láti dá ọjà padà, ẹ má tíì ṣírò ọ̀sẹ̀ tó kọjá lónìí. Ọjà rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀fìn kejì ni àwọn tí kò dá nǹkan kan padà. Ẹni tó ra bùléńdà ₦38,000 tí ife rẹ̀ fọ́ yóò pè yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ra ṣájà ₦6,000 tó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lè kàn jù ú sí kọ̀rọ̀, kó lọ ra òmíràn ní àdúgbò rẹ̀, kó má sì rà lọ́wọ́ yín mọ́. Nítorí náà, bí ọjà bá ṣe pọ́ọ́kú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìdápadà yín ṣe ń fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́ tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó ṣeé ṣe kí ṣájà tó kú ju mẹ́rìnlá lọ. Ọ̀nà tí ẹ lè fi mọ̀ ni pé kí ẹ mú ogún nínú àwọn tó ra páálí yẹn tí wọn kò ráhùn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí Wasáàpù: "Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ṣájà tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Tí mẹ́ta nínú ogún bá ní ó ti kú, ẹ ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé yín kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: àyẹ̀wò tó pẹ́ ni ìdápadà. Ìdí kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé yín jẹ́ ohun kan tí oníbàárà ì bá ti ṣe ká ní ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é fún un kí ẹrù tó jáde.

"Kò ṣiṣẹ́" túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó kì í bọ iná. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ki ṣájà kọ̀ọ̀kan bọ iná pẹ̀lú fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dì í. Kò ní mú gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn kan ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ èyí tó bá mú, ₦3,000 owó ọkọ̀ kò ní bá a lọ mọ́, ₦4,200 tó kù sì ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, torí pé kò tíì kúrò nínú páálí tirẹ̀.

"Sáìsì" túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ fi rúlà wọn inú bàtà láti gìgísẹ̀ dé ibi àtàǹpàkò, kí ẹ kọ gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ fọ́tò. Ẹ ní kí oníbàárà tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bébà, kó wọn gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà 39 ti ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe 39 ti òmíràn, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà kì í parọ́. "Àwọ̀" túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó gbé e bọ́ sójú oòrùn. Ẹ ya fọ́tò kan níta lọ́sàn-án, láìsí iná gílóòbù. Ti ife bùléńdà, ẹ yọ ife kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tàbí ìwé ìròyìn yí i lọ́tọ̀, kí ẹ sì mi páálí náà. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń mì nínú rẹ̀, ẹ tún un dì.

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìwé yín, ìyẹn ọjà kan pẹ̀lú ìdí kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, "ṣájà, kò ṣiṣẹ́" ni: ₦100,800 nínú gbogbo ₦209,700 tó bá ìdápadà lọ. Ìlà kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ìlà yẹn nìkan ṣírò. Tí "kò ṣiṣẹ́" bá dínkù, àmọ́ tí "ọkàn rẹ̀ yí padà" lọ sókè lórí ṣájà kan náà, ẹ má tíì yọ̀. Bóyá ọmọ ṣọ́ọ̀bù kàn yí ohun tó ń kọ sílẹ̀ padà ni. Àmọ́ tí owó tó ń bá a lọ bá dínkù, tí ìdí mìíràn kò sì gbé e, àtúnṣe yín ti mú nǹkan jáde nìyẹn, ẹ sì lè bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ife bùléńdà.

Ibi tí a ó ti dá ọ̀rọ̀ dúró lónìí nìyí. Ẹ fi àwọn ìbéèrè yín ránṣẹ́ sábẹ́ àkọsílẹ̀ yìí. Ó dìgbà mìíràn o.